Eyín kan ṣoṣo tó ń ta ènìyàn: ẹ má tíì ní kí wọ́n yọ ọ́

Ọ̀rọ̀ eyín la mú wá lónìí, nítorí pé ohun tí ojú wa ń rí lọ́jà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Eyín kan ṣoṣo á máa ta ènìyàn bó bá mu omi tútù tàbí bó bá rún nǹkan líle. Kò ní wádìí ohun tó ń ṣe eyín náà. Á ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn, á da sódàbì sẹ́nu, bí ìrora kò bá sì lọ, á ní kí wọ́n bá òun yọ ọ́. Lójú tiwa, àṣà yìí kò dára, ó sì ti mú kí àwọn kan pàdánù eyín tí wọn ì bá ṣì máa fi jẹun.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyá kan tó ń ta gààrí, aládùúgbò wa ni. Lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, eyín ńlá kan ń ta á fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá mu omi tútù, ìrora náà á gún un bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kó tó ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó ti lọ. Bó bá ń jẹ ẹ̀pà yíyan, ó lè rún un nígbà mẹ́rin láìsí wàhálà, lẹ́ẹ̀karùn-ún ìrora á mú un gìrì. Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe ìgbà tó bá tẹ eyín mọ́ oúnjẹ ló máa ń dùn ún jù, bí kò ṣe ìgbà tó bá tú u sílẹ̀. Kò sí ihò lára eyín náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò wú, ó sì ń sùn dáadáa lóru.

Ó ra kápúsù páálí méjì, kò rí ìyàtọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó lọ bá ya fọ́tò eyín náà, kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì ní kí àwọn kúkú yọ ọ́. Ìyá náà kọ̀. Ibi kejì tó lọ, dókítà eyín mú igi kékeré kan, ó gbé e lé ṣóńṣó orí eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́ kó sì tú u sílẹ̀. Ṣóńṣó mẹ́ta kò dùn ún. Ìkẹrin ni wọ́n gbé igi lé, bó ṣe tú ẹnu sílẹ̀ ló figbe ta. Dókítà tan iná sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà, ìmọ́lẹ̀ sì dúró níbì kan, kò kọjá. Ibẹ̀ ni ìlà tín-ín-rín kan wà láti iwájú eyín dé ẹ̀yìn. Eyín náà ti sán, bí ìkòkò amọ̀ ṣe ń sán láìtíì fọ́.

Kí ló fà á tí fọ́tò kò fi fi í hàn? Ìlà náà tín-ín-rín púpọ̀, ó sì sábà máa ń lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn. Láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì máa ń ya fọ́tò, nítorí náà abala kan eyín á bo ìkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní “mi ò rí nǹkan nínú fọ́tò” kò tíì sọ pé kò sí nǹkan. Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun o: ní 1964 ni dókítà eyín kan tí ń jẹ́ Kámẹ́rọ́ọ̀nù ti kọ̀wé nípa rẹ̀ tó sì sọ ọ́ lórúkọ.

Bí ìrora náà ṣe ń wá nìyí. Lábẹ́ èèpo líle funfun tí a ń rí, eyín ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí omi wà nínú wọn, tí wọ́n lọ bá ẹran rírọ̀ àárín eyín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà. Bí a bá tẹ eyín tó sán, abala méjèèjì á yà díẹ̀. Bí a bá tú u sílẹ̀, wọ́n á padà pọ̀ lójijì, omi inú ihò wọ̀nyẹn á sì sáré, iṣan á gbọ́ ọ. Omi tútù náà ń mú kí omi inú ihò yẹn sáré. Ìdí nìyẹn tí eyín tó sán àti eyín tí ẹran inú rẹ̀ ń wú fi jọ ara wọn lójú ẹni tó ń jẹ ìrora.

Ìkejì yìí, èyí tí ẹran inú rẹ̀ ń wú, ihò tí kòkòrò jẹ ló sábà ń fà á. Ohun tí a fi ń mọ bó ṣe le tó ni iye àkókò tí ìrora ń lò lẹ́yìn tí òtútù bá ti kúrò lẹ́nu. Bó bá lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹran inú eyín ṣì lè san, bí wọ́n bá dí ihò náà lásìkò. Bó bá pé ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá ń jí ènìyàn lóru, bí ẹ̀kọ gbígbóná bá ń mú un pọ̀ sí i, ẹran náà ti ń kú lọ. Kápúsù kò lè jí i. Wọ́n ní láti kó o kúrò, kí wọ́n fọ inú eyín, kí wọ́n sì dí i, tàbí kí wọ́n yọ eyín náà ní tòótọ́.

A mọ ọlọ́kọ̀ zẹmijáàn kan tí tirẹ̀ rí báyìí. Omi tútù nìkan ló ń fún un ní ìsinmi lóru. Lọ́jọ́ kan, ìrora náà dákẹ́ pátápátá, ó ní àdúrà gbà. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ọsàn. Iṣan tó ń ké ló ti kú, ìdọ̀tí sì ti sọ̀kalẹ̀ sí ìdí eyín.

Ti ìyá onígààrí wa, wọ́n fi ìbòrí bo gbogbo orí eyín náà bí fìlà, kí abala méjèèjì má lè yà mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹ̀pà rọrùn fún un láti jẹ, ti omi tútù sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ìlà náà ti dé ẹran inú eyín kí wọ́n tó bò ó, wọ́n á sì tún ní láti fọ inú rẹ̀. Bó bá là dé gbòǹgbò, yíyọ ló kù. Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ ẹni tó ń fi àgbo àti sódàbì sún un síwájú fún oṣù mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí a kò ṣe fara mọ́ ẹni tó ń sáré mú irin. Àsípírìnì tí àwọn kan ń gbé sí ìdí eyín tún burú jù, èrìgì ló ń jó.

Ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kó sọ fún un bóyá ìrora náà ń pẹ́ lẹ́yìn omi tútù, bóyá ìgbà tó bá tú eyín sílẹ̀ ló ń ta á, àti bóyá ó ti fi eyín náà ṣí ìgò, fọ́ ẹ̀kùrọ́, rún yìnyín, tàbí pàdé òkúta nínú ẹ̀wà láìpẹ́. Bí dókítà bá fẹ́ yọ ọ́ láìtíì fi igi dán an wò, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ dán an wò. Kí ẹ tó débẹ̀, apá kejì ni kí ẹ máa fi jẹun, ẹ má sì máa tẹ eyín náà léraléra láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara gbóná, tí ẹnu kò ṣeé là tàbí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.