Kí Ló Ń Ṣe Kó Tó Ṣubú?

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Àwọn ọmọ ti wà lórí ìlà láti aago méje ààbọ̀, oòrùn ti ń ta wọ́n lára, ọ̀gá ò sì tíì sọ̀rọ̀ tán. Ọmọbìnrin kan ní ìlà kẹta ń yán, ó ń nu òógùn ojú, ó wá rọra sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ojú òun ń ṣú, etí òun sì ń hó. Kí ìyẹn tó dáhùn, ó ti wó lulẹ̀. Olùkọ́ méjì sáré gbé e dìde, wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Ọrùn rẹ̀ yẹ̀, ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ni ẹnì kan bá pariwo pé wárápá ni, kí wọ́n mú ṣíbí wá.

Kì í ṣe wárápá. Téèyàn bá dúró pẹ́ nínú ooru, ẹ̀jẹ̀ á rọ̀ sẹ́sẹ̀. Nígbà mìíràn, ara á ṣi iṣẹ́ ṣe: iṣan ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ọkàn náà á sì dẹ ìlù rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè lọ sí ọpọlọ á dínkù, ẹni náà á sì dákú. Ìrora, abẹ́rẹ́ tàbí rírí ẹ̀jẹ̀ lè fa irú rẹ̀. Ìṣubú yẹn gan-an ni ìwòsàn rẹ̀, torí pé téèyàn bá ti sùn gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á padà sí orí. Àwọn tó gbé ọmọ náà dìde ló dá ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún dúró, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ̀n. Ká ní wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ì bá ti lajú kí ìṣẹ́jú kan tó pé, á sì mọ ibi tó wà. Ẹni tí wárápá mú kì í tètè mọ ibi tó wà bó bá jí, ó sì lè gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n jẹ. Ní ti ṣíbí, ẹ gbàgbé ẹ̀: eyín ló ń ká, kò wo nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìdákú kan wà tí ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Inú ọkàn ló ti wá. Ọkàn ní iná tirẹ̀ tó ń pàṣẹ ìgbà tí yóò lù. Bí iná yẹn bá dàrú, ọkàn lè máa sáré débi pé ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kún inú rẹ̀ kó tó tún fún un jáde, tàbí kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tí irú èyí bá mú kì í sábà yán, kì í sábà làágùn, kì í sì í sábà sọ pé ojú òun ń ṣú. Ó kàn ń wó bí igi tí wọ́n gé ni, ó sì lè fi ojú gbalẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Èkó nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù. Ẹni tó bá dákú nígbà tó ń sáré lọ́wọ́, kí a má fi wé ọmọ orí ìlà yẹn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó dákú níbi tó jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀ sí, ẹni tí àyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń lù kìkìkì, àti ẹni tó ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà.

Ẹ gbọ́ ti ọmọkùnrin ọdún 16 kan tó wó nígbà tó ń lé bọ́ọ̀lù. Ó jí, ó ní kò sí nǹkan, wọ́n fún un ní omi. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti kú lójijì kó tó pé ọmọ ogójì ọdún. Ìyá rẹ̀ ní àbúrò òun ọkùnrin sùn ní ọmọ ọdún 32, kò jí. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n tètè gbé ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù dé. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kì í dunni, kì í sì í gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmọ́ bí ọkàn bá ti padà sípò, ìwé ẹ̀rọ náà lè máà fi nǹkan kan hàn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré kan sọ́rùn fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, torí àwọn oògùn ibà kan, kolorokúìnì wà lára wọn, lè da iná ọkàn rú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ń mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà bó bá ṣe dìde.

Obìnrin tó ṣì lè lóyún, tí inú ń run, tó sì dákú, kò gbọ́dọ̀ dúró kí ilẹ̀ tó mọ́: oyún lè ti bẹ́ níbi tí kò yẹ kó wà.

Bí ẹni tó ṣubú kò bá sì mí, tàbí tó kàn ń mí gúlegúle, ẹ ké sí àwọn èèyàn, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé dáadáa, ó kéré tán 100 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ẹni tó dákú kò rí ara rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin ìlà kẹta yẹn ló yẹ kó bá a wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí òun nìkan ló gbọ́ pé ojú ń ṣú.