"Ẹ Wá sí DM" Ló Ń Júwe Oníbàárà fún Gbájúẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú aládìrẹ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, tó gbé àwòrán aṣọ tuntun sí Instagram. Oníbàárà béèrè lábẹ́ àwòrán náà pé, "Èló ni?" Ó fèsì pé, "Ẹ wá sí DM." Kí oníbàárà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ti kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀: àwòrán kan náà, orúkọ kan náà, àfi pé lẹ́tà kan di méjì. Nọ́ńbà àkáǹtì tẹ̀ lé e. Owó lọ, aṣọ ò dé.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á wá kọ "Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú" gàdàgbà, wọ́n á sì padà sí "Ẹ wá sí DM" lọ́jọ́ kejì. Ta ló sọ fún gbájúẹ̀ pé ẹni yẹn fẹ́ ra aṣọ? Ìbéèrè tí wọn ò dáhùn ní gbangba ni. Bí iye owó bá ti wà lábẹ́ àwòrán, àwọn tí yóò máa béèrè rẹ̀ á dín kù. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà pàápàá ní kí ẹni tó pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn. Àwọn kan á ní ẹlẹ́gbẹ́ àwọn á rí iye táwọn ń tà. Ṣé ẹlẹ́gbẹ́ ò mọ ọ̀nà DM ni?

Ibi kejì tó yẹ ká dí ni ọ̀nà owó. Kéèyàn tó fowó ránṣẹ́ láti orí fóònù, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa ń yọ. Ọlọ́jà tó bá forúkọ okòwò rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC lè ṣí àkáǹtì ní orúkọ yẹn, kó sì kọ ọ́ sókè ojú ewé rẹ̀ pé orúkọ yìí nìkan lòun fi ń gbowó. Ẹni tó ń gbowó sí àkáǹtì àbúrò lónìí, ti ọkọ lọ́la, ti kọ́ oníbàárà rẹ̀ láti má wo orúkọ.

Ó yẹ kí ọlọ́jà fẹjọ́ ayédèrú sun Instagram lóòótọ́, nípasẹ̀ "Report". Àmọ́ gbájúẹ̀ sábà máa ń bọ́lọ́ọ̀kì ọlọ́jà gan-an, nítorí náà fóònù ẹlòmíràn ni ọlọ́jà á fi wá a. Bí Instagram bá sì yọ ọ́ kúrò, òmíràn lè yọjú. Ti àwọn tó ń da ìpolówó owó èlé sábẹ́ àwòrán kò le: "Hidden Words" nínú ètò Instagram á máa fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́.

Ní ti fọlọ́wà tí wọ́n rà, wọn kì í ra aṣọ, wọn kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù ni pé gbájúẹ̀ náà lè ra irú wọn, kí iye tirẹ̀ tó ti ọlọ́jà. Kí oníbàárà má wo iye fọlọ́wà rárá. Kó wo ọjọ́ tó wà lábẹ́ àwọn àwòrán: bí ogójì àwòrán bá wọlé láàárín ọjọ́ méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé jíjí ni wọ́n jí wọn kó.