Àtàǹpàkò lórí ìwé tí a kò lè kà kì í ṣe ìjẹ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ ìwé ìjọba, tí mo sì ń ka èyí tí ẹlòmíì kọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé "ó ti jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ parí", ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: èdè wo ló fi jẹ́wọ́, ta ló sì kọ ọ́ sílẹ̀?

Ẹ wo ti ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa. Wọ́n ní ó jí alùpùpù onísẹ́míjàn kan. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú un, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tó gbé e dé iwájú pùrókúrọ̀. Ọmọ yìí kò gbọ́ Faransé ju "bọ́njùù" lọ. Ṣùgbọ́n nínú pévé tí ọlọ́pàá kọ, Faransé tó dán bíi ti ọ̀gá ilé-ìwé ló ń sọ: òun jí alùpùpù náà lóru, òun sì tà á lọ́jà wa lọ́jọ́ kejì. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò sí orúkọ ògbufọ̀ kankan níbẹ̀.

Nígbà tó dé ilé ẹjọ́, ó ní wọ́n nà òun ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ní kí òun tẹ ìka kí òun lè lọ sílé. Agbẹjọ́rò rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn ní kí adájọ́ ka ọjọ́ ọjà wa, tó jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ọjọ́ tí ìwé náà dá, ọjà ò ná! Kò sẹ́ni tó rí alùpùpù náà, kò sẹ́ni tó rí ẹni tó rà á. Adájọ́ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lo oṣù mọ́kànlá lẹ́wọ̀n. Olè gidi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó wá a mọ́.

Àwọn kan á ní, "Bí a ò bá fi pàṣán kàn án, ṣé olè á jẹ́wọ́ ni?" Mo dá wọn lóhùn: pàṣán ń mú olè sọ̀rọ̀, ó sì ń mú ẹni tí kò jalè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ọlọ́pàá ti ní lọ́kàn ni ẹni tí wọ́n ń nà máa ń sọ padà fún wọn. Ìjẹ́wọ́ tó ní láárí ló ń fi ohun tí ọlọ́pàá kò tíì mọ̀ hàn: ibi tí ẹrù wà, ẹni tó gbà á. Bí a bá lọ wò ó tí a sì bá a níbẹ̀, ó di ẹ̀rí. Bí kò bá sí èyí, ìwé lásán ni.

Òfin wà ńlẹ̀ o. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti 11 oṣù Kejìlá 1990, ní abala 18, kọ̀ ìyà àti ìdálóró. Ó ní a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró ju wákàtí 48 lọ àfi bí adájọ́ tí wọ́n mú un wá síwájú rẹ̀ bá pa á láṣẹ, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 8. Ó ní ẹni tó wà látìmọ́lé lè ní kí dókítà tó wù ú wò ó. Ìwé àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí ìdálóró, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀, sọ ní abala 15 pé ọ̀rọ̀ tí a fi ìdálóró gbà lẹ́nu ènìyàn kò gbọdọ̀ di ẹ̀rí. Òfin UEMOA ti 2014 sì jẹ́ kí agbẹjọ́rò lè wọlé tọ ẹni tí wọ́n mú láti ìgbà tí wọ́n ti mú un. Àmọ́ Kútọnu ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò wà, ojú ìnà sì ń jinná kí wọ́n tó dé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá ẹ̀yin baálẹ̀ wí, kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan. Wọ́n máa ń pè yín pé kí ẹ wá bẹ ọmọ yín kó gbà, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ẹ má ṣe é mọ́! Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ka pévé fún un ní Yorùbá kó tó tẹ ìka, kí ògbufọ̀ sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá ní wọ́n na òun, kí dókítà wò ó kíákíá, kí ó sì sọ ọ́ níwájú pùrókúrọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, nítorí adájọ́ ló máa wọn ìjẹ́wọ́ náà, ó sì lè gbà á gbọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan títí ojú ìnà fi jinná.

Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìwé tí ọlọ́pàá nìkan kọ, tí ọlọ́pàá nìkan lè kà, ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni.