Kí Ìyàwó Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀kọ Ṣáájú

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Abijan jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ń sọ Faransé nílé-ìwé, wọ́n sì ń sọ nushí láàárín ẹgbẹ́ wọn. Fún àwọn kan nínú wọn, inú orin ni wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá jù. Ìdí nìyí tí orin tí a bá kọ́ wọn fi gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá ní tòótọ́.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọdé ṣètò orin kékeré kan fún ìgbà tí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ ní Treichville. Mo yan orin Faransé tí gbogbo wọn ti mọ̀ láti kékeré, «Frère Jacques». Ìró orin ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ló kù. Ẹnì kan nínú wa ka sílébù ìlà àkọ́kọ́, ó jẹ́ mẹ́rin, ó sì ní, "Ẹ kú ilé!" Sílébù mẹ́rin náà ni. Ìkíni ẹni tó ń wọlé ni. Gbogbo wa gbà pé ó dára, títí tí a fi kọ ọ́ lórin.

Ìlà àkọ́kọ́ orin náà ń lọ báyìí: do, re, mi, do. Ó gun òkè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ kú ilé" kì í gun bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa. Lẹ́yìn "kú" tó wà lókè, "i" a máa rọlẹ̀ sí àárín, "lé" a sì padà sókè. Orin fa "i" ga ju "kú" lọ, ó sì ju "lé" sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí a gbọ́ kì í ṣe ilé mọ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè fi òye tún un ṣe. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ yóò gbé àṣìṣe náà lọ bí ó ṣe gbọ́ ọ.

Èrò mi ni pé àṣìṣe wa kì í ṣe ti "ẹ kú ilé" nìkan. A fi ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí ìtumọ̀ bá ti dùn mọ́ ọ nínú, wàá máa fi ipá tì í wọ inú orin, etí rẹ yóò sì di. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wá ni ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ nǹkan kan, tí kò ní dùn wá láti sọnù.

Àwọn olórin ilẹ̀ òkèèrè mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ìró orin «Yesterday» wá sọ́kàn Paul McCartney tí kò sì tíì ní ọ̀rọ̀, ẹyin díndín ló kọ́kọ́ fi dí àlàfo rẹ̀ kó má bàa gbàgbé ìró náà. Nígbà tó yá ló wá ọ̀rọ̀ gidi, orin náà sì jáde ní 1965. Àwọn Faransé pàápàá ní orúkọ fún kíkọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórin: wọ́n ní èèyàn ń kọrin ní yógọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n iye sílébù àti ibi tí agbára bọ́ sí ni ọ̀rọ̀ àfidípò tiwọn ní láti bá mu. Tiwa gbọ́dọ̀ bá gíga àti ìsàlẹ̀ orin mu pẹ̀lú. Bí a bá kàn kọ "la la la" síbẹ̀, a ti sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nù.

Nítorí náà, a fa ìwé tuntun yọ, a sì wá ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó ní ohùn. Fún do, re, mi, do, ẹnì kan ní:

Ẹ̀kọ wá dà?

Ìsàlẹ̀, àárín, òkè, ìsàlẹ̀: ó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́. Ìlà kejì jẹ́ mi, fa, so, tó ń gòkè ṣáá. A ní, "Ẹ̀kọ dé." Ìlà kẹta gùn díẹ̀: so, la, so, fa, mi, do. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. A ní, "Ẹ gbé ọbẹ̀ gbùdù." Gbùdù kò ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tọ̀nà. Ìlà ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ní do, ó bọ́ sí so ìsàlẹ̀, ó sì padà sí do. A ní, "Wọ́n kọ̀ ọ́." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ ní àkọtúnkọ, kò sì sí ibi tí ahọ́n wọn kọsẹ̀.

Nígbà náà la wá ń yọ ẹ̀kọ kúrò díẹ̀díẹ̀. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí orin bá ń gòkè, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀, bí orin bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ máa gòkè. Sílébù méjì tí ohùn wọn dọ́gba lè sún díẹ̀ sí ibi tó bá wù wọ́n. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa nìyí, a sì ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì:

Ìyàwó dà?
A ti dé.
Ẹ ṣílẹ̀kùn wàrà.
Ẹ wò ó!

Ẹ kíyè sí i pé "dà" àti "dé" kò kúrò níbi tí ẹ̀kọ fi wọ́n sí. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ló fún wa ní ìbéèrè àti ìdáhùn. Àwọn ará ilé ọkọ ń béèrè, àwọn tó sin ìyàwó wá ń dáhùn. Kò sí ẹni tó ronú nípa èyí nígbà tí "ẹ kú ilé" wà lọ́wọ́ wa.

Ìlà kẹta ló gba àkókò jù. A kọ́kọ́ kọ "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa." Sílébù mẹ́fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì dára ju "wàrà" lọ. Ṣùgbọ́n "fún" tó yẹ kó gòkè bọ́ sí ibi tí orin ti ń sọ̀, ni a bá yọ ọ́. "Wàrà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọkàn mi fẹ́ jù, nítorí ohùn rẹ̀ bá ti wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà dọ́gba. Ohùn nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilẹ̀kùn tó ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orin yín yè, ẹ má ṣe bi ẹni tó bá yín kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ fún àgbàlagbà tí kò rí ìwé náà rí, kí ẹ sì ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Ajamé ló gbọ́ tiwa. Ó ní, "Ìyàwó ọ̀hún dà, tí ẹ ní kí n wò ó?"

A mọ̀ pé ó ti gbọ́ wa.