Ilé Tí A Fi Yá Owó: Ìgbà Wo Ni Ẹ̀tọ́ Ìràpadà Ń Parí?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Òkè Ọya àti ní àwọn ìlú àlejò gbogbo, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a sọ fún ara wa láì fi bọpo bọyọ̀. Ìdílé kan á jí lọ́jọ́ kan, wọn á rí i pé wọ́n ti lẹ ìwé gbànjo mọ́ ara ilé tí bàbá wọn fi òwò ọgbọ̀n ọdún kọ́. Nígbà tí wọn á bá fi sáré dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ẹlòmíràn ti ra ilé náà. Òótọ́ ni pé wọ́n jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àyè wà láti gba ilé náà sílẹ̀, àìmọ̀ ló jẹ́ kí àyè náà kọjá.

Èrò méjì ló ń ṣi àwọn ènìyàn wa lọ́nà. Èkíní ni èyí tí a gbé wá láti ilé. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ènìyàn bá fi oko dógò, ẹni tó gba ìdógò ni yóò máa dá oko náà títí olóko yóò fi san owó. Ìbáà di ogún ọdún, ìbáà jẹ́ ọmọ-ọmọ ló wá san án, wọn yóò dá oko padà fún wọn. Ìdógò kì í di títà nítorí pé ó pẹ́. Àwọn kan rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti báńkì rí. Èrò kejì ni ti àwọn tó gbà pé ọjọ́ tí àdéhùn bá ti kọjá, ilé ti di ti olówó nìyẹn, kò sí ohun tí ènìyàn tún lè ṣe. Àwọn méjèèjì ló ṣìnà.

Ìwé tí a ń fọwọ́ sí ní báńkì, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní mọ́géèjì, wá láti inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Òkè Ọya, òfin Kọnfeyánsìn ti ọdún 1881 ni ilé ẹjọ́ ṣì ń lò lórí rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ṣe òfin tuntun tiwọn, bí Èkó ti ṣe ní ọdún 2010, nítorí náà ẹ bi lọ́yà yín léèrè òfin tó wà níbi tí ilé yín wà. Nínú mọ́géèjì, a kì í kó jáde nílé. Inú ilé náà la ó máa gbé, ṣùgbọ́n a ti fi agbára láti tà á sọ́wọ́ olówó.

Ìwé náà yóò dá ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ san owó. Ní ayé àtijọ́ ní ìlú òyìnbó, bí ọjọ́ náà bá kọjá, ilé ti lọ nìyẹn. Àwọn adájọ́ wá rí i pé ìrẹ́jẹ ni kí ènìyàn pàdánù ilé ńlá nítorí gbèsè kékeré tó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní bí ọjọ́ tilẹ̀ kọjá, ẹni tó yá owó ṣì lè gbé owó àti èlé wá kí ó gba ilé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ìràpadà nìyẹn. Ohun ìní gidi ni: a lè tà á, a lè fi jogún. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín.

Àwọn adájọ́ kò gbà kí olówó fi ọ̀rọ̀ inú ìwé dí ẹ̀tọ́ yìí. Bí ìwé bá sọ pé "bí a kò bá san án ní ọjọ́ báyìí, ilé ti di ti olówó," ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn olówó èlé kan tún ní ọgbọ́n mìíràn: ọjọ́ tí wọ́n ń ka owó fún ọ lọ́wọ́ náà ni wọn yóò ní kí o fọwọ́ sí ìwé mìíràn tó fún wọn láǹfààní láti ra ilé náà ní iye kan. Ní ọdún 1904, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Samuel àti ilé iṣẹ́ agégẹdú Jarrah. Wọ́n ní àǹfààní láti rà tí a so mọ́ owó yíyá kò dúró, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí owó yíyá ti parí ni ẹ̀yin fúnra yín lọ ṣe àdéhùn títà lọ́tọ̀, ilé ẹjọ́ lè gbà á. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ṣe pàtàkì, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí a kò kọ ọjọ́ sí.

Ní báyìí, ìgbà wo ni olówó lè ta ilé? Ó ní láti la ẹnu ọ̀nà méjì kọjá. Àkọ́kọ́, àdéhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé díìdì, ọjọ́ ìsanwó sì gbọ́dọ̀ ti kọjá. Ẹni tó kàn kó ìwé ilé rẹ̀ fún olówó láìsí díìdì kò tíì fún un ní agbára yìí, olówó náà ní láti lọ gba àṣẹ nílé ẹjọ́ kí ó tó tà. Èkejì, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: kí ó ti kọ̀wé pé kí ẹ san owó, kí oṣù mẹ́ta sì kọjá láìsan, tàbí kí èlé tó yẹ ní sísan ti pé oṣù méjì nílẹ̀, tàbí kí ẹ ti rú àdéhùn mìíràn nínú ìwé náà. Bí ẹnu ọ̀nà méjèèjì bá ti ṣí, olówó kò nílò àṣẹ ilé ẹjọ́ mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: òfin náà gbà kí ìwé àdéhùn yọ ẹnu ọ̀nà kejì yẹn kúrò, ìwé báńkì sì sábà máa ń yọ ọ́. Ẹni tó ń fọkàn sí oṣù mẹ́ta lè má ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí lọ́yà yín fi ìlà yẹn hàn yín, kí ẹ sì bẹ báńkì pé kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká sọ pé oníṣòwò kan yá mílíọ̀nù 10 náírà, ó fi ilé tó tó mílíọ̀nù 25 dúró. Ọjà kú, gbèsè àti èlé di mílíọ̀nù 12.4. Báńkì kọ̀wé, oṣù mẹ́ta kọjá. Ní gbogbo àkókò yìí, bí ó bá gbé mílíọ̀nù 12.4 àti ìnáwó tí báńkì ti ṣe wá, ilé rẹ̀ ni yóò gbà. Bí kò bá rí owó, ó ṣì lè fúnra rẹ̀ wá oníbàárà kí báńkì tó tà á. Kí ó sọ fún báńkì, kí oníbàárà san gbèsè tààrà fún wọn, kí ìyókù di tirẹ̀. Bí ó bá tà á ní mílíọ̀nù 23, ohun tó lé ní mílíọ̀nù 10 ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Ká wá sọ pé ó jókòó sílé, ó ń retí àánú. Wọ́n lu ilé ní gbànjo, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 18. Ìgbà tí wọ́n bá ti fi òòlù lu tábìlì, tàbí tí báńkì àti oníbàárà bá ti fọwọ́ sí àdéhùn títà, ẹ̀tọ́ ìràpadà ti kú. Kò dìgbà tí oníbàárà bá kó wọlé. Bí ó bá gbé gbogbo owó wá ní ọjọ́ kejì, ó ti pẹ́ jù.

Ṣé ó lè sọ pé wọ́n ta ilé òun lọ́pọ̀? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Nàìjíríà dáhùn èyí ní ọdún 1973 nínú ẹjọ́ Eka-Eteh: owó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti fagi lé títà. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé olówó hùwà àbòsí, pé òun àti oníbàárà lẹ̀dí àpò pọ̀. Olówó kò sì gbọ́dọ̀ ta ilé náà fún ara rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú bí wọ́n ṣe lo agbára náà, oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan sábà máa ń mú ilé lọ, owó ìtanràn lọ́wọ́ olówó ló kù fún onílé.

Ṣùgbọ́n owó tó kù jẹ́ tirẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 18 yẹn, ká sọ pé ìnáwó gbànjo jẹ́ ẹgbẹ̀rún 900, gbèsè jẹ́ mílíọ̀nù 12.4. Mílíọ̀nù 4.7 ló ṣẹ́kù, báńkì sì gbọ́dọ̀ fún un. Àwọn ìdílé kan kò béèrè rárá, nítorí ìtìjú. Ẹ kọ̀wé, ẹ ní kí báńkì ṣírò gbogbo rẹ̀ fún yín, láti orí owó títà dé orí ìnáwó.

Ẹlòmíràn á ní òun yóò gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti dá gbànjo dúró nítorí pé iye tí báńkì ń pè kò pé. Ní ọdún 1977, nínú ẹjọ́ Mumuni, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi yé wa pé àríyànjiyàn lórí iye gbèsè kò tó láti dá olówó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró ní láti san iye tí olówó ń béèrè sílé ẹjọ́, kí wọ́n tó máa jà lórí ìṣirò. Àwọn kan á sì sọ pé gómìnà kò fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí mọ́géèjì, ilé ẹjọ́ sì fi èyí fagi lé mọ́géèjì nínú ẹjọ́ Báńkì Savannah àti Ajilo ní ọdún 1989. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ilé ẹjọ́ ti ń kọ̀ fún ẹni tó gba owó, tó ná an, tó wá fẹ́ fi àìgbàṣẹ tí ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ gbà bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Ẹ má gbé ilé yín lé e.

Èrò tiwa ni pé àwa àlejò ní ewu kan tí onílẹ̀ kò ní. À ń ṣí láti àdúgbò kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wa sì kó kúrò nílé nígbà rògbòdìyàn, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ báńkì. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ń lọ, ibẹ̀ ni àkókò ti ń parí. Ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun fún báńkì, kí ẹ gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiyín. Bí bàbá bá ti kú, kí àwọn ọmọ bi báńkì léèrè bóyá ilé wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó máa pín ogún. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa náà má ṣe dúró de ọjọ́ gbànjo kí wọ́n tó dá owó jọ. Owó tó bá dé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí òòlù tó dún, lè ra ilé padà. Èyí tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ kò lè ra nǹkan kan.