Káàdì Ìgbéyàwó Elédè Méjì: Kí Yorùbá Má Di Ọ̀ṣọ́ Lásán

Ọ̀tà àti Sángo, títí dé Alápótí, ilẹ̀ Àwórì ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti kó onírúurú ẹ̀yà wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń dàgbà pọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí ó fi bójú mu pé kí a kọ káàdì ìpè ìgbéyàwó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àdúrà tàbí òwe kan ṣoṣo ni Yorùbá sábà máa ń gbà lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ọjọ́, aago àti ibi tí ayẹyẹ yóò ti wáyé.

Kí a gbà pé ọmọkùnrin Àwórì kan ní Alápótí fẹ́ gbé ọmọbìnrin Ìgbò kan níyàwó, tí bàbá ọmọbìnrin náà sì ń ṣiṣẹ́ ní Sángo. Ìyá àgbà ọkọ ń ka Bíbélì Yorùbá geerege, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹbí ìyàwó ń bọ̀ láti Ẹnúgu, wọn kò sì gbọ́ Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ pé "Kí Olúwa bù sí ìfẹ́ wọn" nìkan ni ìyá àgbà rí kà, wọ́n bá a ṣàdúrà ni, wọn kò pè é.

Ohun márùn-ún ni ó yẹ kí ó pé ní èdè kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ń pè, àwọn tí ń gbéyàwó, ọjọ́, aago àti ibi. Ó ya ju kí a kọ "Sátidé, ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá" lọ kí a tó lo "oṣù Ọ̀wàrà", nítorí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni yóò kọ́kọ́ máa ka oṣù lórí ìka. Ẹwà èdè kò gbọdọ̀ ṣi àlejò lọ́nà.

Kí a má sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní olówuuru. Gẹ̀ẹ́sì a máa bẹ̀bẹ̀ fún "ìgbádùn ìbákẹ́gbẹ́ yín". Kò sí bàbá Yorùbá tí ń pe àna rẹ̀ báyẹn. Ohun tí à ń sọ ni pé: "Ìdílé ọkọ àti ìdílé ìyàwó ń fi tayọ̀tayọ̀ pè yín síbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wọn." Lẹ́tà mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ Faransé, tí a ń kọ sókè nọ́ńbà fóònù, kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun lójú ìyá àgbà. Ẹ kọ ọ́ pé: "Ẹ pe nọ́ńbà yìí kí a lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

Bákan náà ni orúkọ ayẹyẹ. Ìdána Yorùbá kì í ṣe àdéhùn lásán, ìgbéyàwó gan-an ni. Nígbà tí ó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹbí ìyàwó ni ètò ìbílẹ̀ ti ń wáyé, tí ìyàwó ń gbé ife ẹmu wá ọkọ rẹ̀ káàkiri láàárín èrò, Igba Nkwu ni àwọn Ìgbò ń pè é. Kí a fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀.

Ìṣòro tó kù wà lọ́wọ́ atẹ̀wé. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá bọ́ kúrò lára "ọkọ ìyàwó", oko ìyàwó ni a ó kà, bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n ń tà. Àwọn lẹ́tà oníṣọ̀nà tí a fẹ́ràn fún káàdì kì í sábà lè gbé àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀ lórí lẹ́tà kan. Kí ẹbí ní kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ "ẹ̀gbọ́n" àti "Ọ̀ṣun" jáde lórí bébà. Bí àmì bá fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí àpótí kékeré òfìfo bá yọ, kí ó pààrọ̀ irú lẹ́tà náà.

Àwọn kan yóò ní káàdì náà yóò gùn jù, àti pé àwọn ọmọ yóò kúkú túmọ̀ rẹ̀ fún àgbà. Káàdì ní ojú méjì: kí Yorùbá gba ọ̀kan, kí Gẹ̀ẹ́sì gba èkejì. Ní ti ìtumọ̀, ẹni tí a pè ní èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Kí wọ́n tó tẹ káàdì náà, kí wọ́n ka apá Yorùbá sókè létí ìyá àgbà. Bí ó bá lè sọ ọjọ́, aago àti ibi padà láìbéèrè, wọ́n ti pè é.