Bí Ṣúgà Bá Kọ̀ Tí Kò Wálẹ̀, Ẹ Wo Inú Ẹnu

Níbi tábìlì àyẹ̀wò tí a máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ásálátù ọjọ́ Àìkú, a máa ń bi ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó gún un ní ìka: ṣé ó lo oògùn rẹ̀, kí ló jẹ, ṣé kò sí ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kẹrin ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní èrìgì yín tí ẹ bá ń run orín? Àwọn kan a rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn a ní ẹ̀jẹ̀ làwọn wá yẹ̀ wò, àwọn kò bá ti eyín wá. Èrò tiwa ni pé ìbéèrè kẹrin yìí kò kéré sí mẹ́ta ìṣáájú, ó sì yẹ kí gbogbo tábìlì àyẹ̀wò tó wà ní Abẹ́òkúta máa béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín. Ẹni tó bá ní àmù nílé mọ̀ pé bí omi bá pẹ́ nínú rẹ̀, inú àmù náà á máa yọ̀. Ẹ bu omi sí i, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó ń yọ̀ náà ò ní kúrò, àfi tí ẹ bá fi kànrìnkàn ha á. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, pàápàá níbi tí eyín ti pàdé èrìgì. Kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Bí a kò bá ha á, láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le bí òkúta, yóò pọ́n bí ìyeyè tàbí kó dúdú, búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní ràn án mọ́. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ó ṣì ṣeé wò sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, èrìgì á já kúrò lára eyín, àpò kékeré á ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, egungun tó di eyín mú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Egungun yìí kì í hù padà fúnra rẹ̀. Nígbà tí eyín bá wá ń mì, a ó ní ọjọ́ orí ló dé. Ọjọ́ orí kọ́. Ohun tó jẹ́ kí ó máa tàn wá ni pé kì í sábà dunni bí eyín tó lu ihò ṣe máa ń dunni.

Níbo wá ni ṣúgà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́, irú èyí tó wà nínú ojú àti nínú kíndìnrín. Èrìgì náà kún fún irú iṣan bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí ó bá kòkòrò jà á máa falẹ̀, itọ́ tó ń fọ ẹnu á dínkù, ọgbẹ́ kò sì ní tètè jiná. Nítorí náà, àrùn èrìgì máa ń tètè mú ẹni tí ṣúgà rẹ̀ kò sí níkàáwọ́, tó bí ìlọ́po mẹ́ta ẹni tí kò ní àrùn náà. Ní ọdún 1993, Harald Löe, ọ̀mọ̀wé nípa eyín tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nọ́ọ̀wè, kọ ọ́ pé àrùn èrìgì ni ìkẹfà nínú àwọn ìpalára tí ìtọ̀ ṣúgà ń mú wá.

Ìyẹn ni apá kan. Apá kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rí. Ọgbẹ́ ni èrìgì tó wú, kò kàn hàn síta ni. Bí ara ṣe ń bá kòkòrò inú àwọn àpò yẹn jà lójoojúmọ́, ó máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èròjà náà á sì di ínsúlíìnì lọ́wọ́. Ínsúlíìnì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí a bá dì í lọ́wọ́, ṣúgà á dúró sínú ẹ̀jẹ̀, èrìgì á tún burú sí i, ínsúlíìnì á tún falẹ̀ sí i. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ wo ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Fún ọdún kan, ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó jẹun kì í ju nǹkan bí 140 lọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, títí ó fi di 196. Ó ní òun ń lo mẹtifọ́mìn òun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. A ka hóró tó kù nínú ike rẹ̀, iye rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Kò sí ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀, ìtọ̀ kò ta á. A wá béèrè oúnjẹ. Ẹ̀kọ láàárọ̀, láfún àti ewédú lọ́sàn-án, búrẹ́dì tó rì sínú tíì lálẹ́. Àwa Ẹ̀gbá kì í fi láfún ṣeré, ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀wà wà, ẹja àti ẹran ńkọ́? Ìyá fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, eyín ò gbà á mọ́.” Ó ti tó oṣù méje tí ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lára orín, ló bá jáwọ́ nínú orín pátápátá kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa jáde.

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kẹta tún wà tí ẹnu fi ń ṣe ṣúgà lọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò lè rún nǹkan á máa gbé èyí tó rọ̀ mì, èyí tó sì rọ̀ jù lórí tábìlì wa ló máa ń tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn eyín, wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín tí a fàlà sí lára wọn bí àpò èrìgì rẹ̀ ṣe jìn tó. Tí ara bá dá, kì í ju mílímítà mẹ́ta lọ. Tirẹ̀ tó mẹ́fà àti méje láwọn ibì kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ kí wọ́n tó ha gbogbo èérí líle náà tán, títí kan èyí tó wà nísàlẹ̀ èrìgì. Eyín kan kò ṣeé gbà là, wọ́n yọ ọ́. A kò yí oògùn ṣúgà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò tí wọ́n ń kọ HbA1c sí lórí ìwé, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lọ láti 8.9 sí 8.2. A kò lè búra pé fífọ eyín nìkan ló ṣe é, torí ẹ̀wà ti padà sínú abọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara èrìgì tó san ni ẹ̀wà gbà padà.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí kò jìnnà sí èyí. Ní 2022, àwọn kan kó ìwádìí 35 pọ̀, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ 3,249. Ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n tọ́jú èrìgì, ìwọ̀n HbA1c fi 0.43 dínkù tí a bá pín in dọ́gba. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013 kò rí ìyàtọ̀ kankan ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó ju oògùn nù nítorí pé ó fọ eyín. Ohun tó ń ti oògùn lẹ́yìn ni.

Ní ilé ìtajà oògùn, ohun tí a máa ń rí ni ẹni tí èrìgì rẹ̀ wú tó wá ra Fílájìlì àti amọ́síkílìn. Wíwú náà lè rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n oògùn kì í tú èérí tó ti di òkúta, yóò tún padà. Apòògùn tó bá tà á láìsọ fún oníbàárà pé kí ó lọ rí dókítà eyín kò ràn án lọ́wọ́. Omi gbígbóná díẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú ife kan máa ń tu èrìgì lára, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan tún nìyí fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú: amlodipíìnì àti nifedipíìnì lè mú kí èrìgì àwọn kan máa hù bo eyín. Bí ẹ bá rí i, ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà kí ó yí i padà.

Nípa ìtọ́jú ojoojúmọ́, ẹlòmíràn á ní òun ń yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta nínú àlùwàlá òun, ìgbà márùn-ún lóòjọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí àmù. Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kò fi mọ sí yíyọ ẹnu. Bùkárì àti Músílímù gbà á wá pé, bí kì í bá ṣe pé yóò ni ìjọ rẹ̀ lára, yóò pa síwáàkì láṣẹ fún wọn níbi gbogbo ìrun. Yálà síwáàkì ni o, tàbí orin àtà, tàbí búrọ́ọ̀ṣì, ibi tí a fi sí ló ṣe pàtàkì. Eyín iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń fi orín ha. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rọ̀ dáadáa, kí ẹ mú un dé eyín tó wà lẹ́yìn, nínú àti lóde, kí ẹ dà á lójú díẹ̀ sí ibi tí eyín ti wọ èrìgì, kí ẹ máa rìn ín jẹ́jẹ́. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ni, èyí tó rọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú méjì fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn, pẹ̀lú ọṣẹ eyín tí wọ́n kọ fulọráìdì sí lára páálí rẹ̀. Tálẹ́ ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Nínú ààwẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn sààrì àti kí ẹ tó sùn. Fún àárín eyín, ẹ lo owú eyín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ṣe fún un. Igi ìgbálẹ̀ máa ń gún èrìgì lọ́gbẹ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ má dáwọ́ dúró bíi ti ìyá wa. Èrìgì tí a ń fọ̀ dáadáa máa ń ṣíwọ́ ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò ṣíwọ́, tàbí tí eyín ń mì, tàbí tí ọyún ń jáde, ẹ lọ sí ẹ̀ka eyín ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, tàbí ọ̀dọ̀ dókítà eyín tó bá sún mọ́ yín. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ ti jẹun, kí ẹ ti lo oògùn ṣúgà yín, kí ó má baà jẹ́ pé orí àga ni ṣúgà yóò ti já wálẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, pàápàá ásípírììnì.

Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí kò sì tíì yẹ ṣúgà rẹ̀ wò rí, kí ó wá sí tábìlì wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láìtíì jẹun. Bí ẹ̀rọ bá sọ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó kọ ìwé fún un láti lọ tún un ṣe ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ mìíràn.